Àkọsílẹ̀ sáìtì: irin mílì 16 tí kò pé ìwọ̀n, àti lẹ́tà tí a fi kọ̀ ọ́

Iṣẹ́: ilé alájà mẹ́ta fún ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ibi tí iṣẹ́ dé: pílà ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

A ti da kọnkéré ìpìlẹ̀ tán, irin ìbẹ̀rẹ̀ pílà sì ti yọ orí sókè. Irin tí a ó fi gbé pílà dé òkè ni a ń retí. Tírélà já a sílẹ̀ lọ́sàn-án: mílì 16 tọ́ọ̀nù mẹ́rin, mílì 12 tọ́ọ̀nù méjì. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin, iye ọ̀pá ni wọ́n fi ń ka tọ́ọ̀nù, wọn kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀pá 53 ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kan tó bá jẹ́ mílì 16, nítorí náà 212 ni sìtókípà wa kà. Iye ọ̀pá pé.

Ohun kan wà tí mo ti sọ fún sìtókípà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí wébíìlì irin láì kọ gbólóhùn yìí ṣáájú orúkọ rẹ̀, "A gbà á sílẹ̀, ó ku àyẹ̀wò." Awakọ̀ máa ń kanjú, yóò ní kí wọ́n tètè bu ọwọ́ lù ú kí òun máa lọ. Ẹni tó bá bu ọwọ́ lù ú lásán ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà pé, ó sì dára. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn kàn jẹ́rìí pé òun rí ọjà náà lójú ni. Sìtókípà kọ ọ́ bí mo ṣe wí, ẹ̀dà wébíìlì náà sì wà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí a ń tò ó ni Bàbá, olórí àwọn áyánbẹ́ńdà wa, pè mí. "Ẹnjiníà, ẹ wá gbé ọ̀kan wò. Mílì 16 tí mo ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí kì í fúyẹ́ báyìí." Mo gbé e. Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè kọ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti tẹ irin fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń mọ ohun tí ojú kò rí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gé irin náà, kí wọ́n má sì tẹ ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, títí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo pe ilé ìtajà, mo ní kí wọ́n rán ènìyàn wá kí a jọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ wọn kan wá. Bí olùtajà kò bá sí níbẹ̀ nígbà ìwọ̀n, yóò sọ lọ́la pé irin mìíràn ni a wọ̀n.

Ọ̀dọ́kùnrin náà mú kálípà jáde lápò kí a tó ṣe ohunkóhun. Ó fi há irin lẹ́nu, ó fi hàn mí: 16. Kò parọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé irin tí à ń lò fún kọnkéré kò dán. Ó ní àwọn òkè kéékèèké tó yí i ká, kí kọnkéré lè dì í mú. Bí kálípà bá há orí òkè sí orí òkè, yóò ka 16, nígbà tí ara irin fúnra rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì há a sí àárín òkè méjì, yóò ka iye tó kéré ju òtítọ́ lọ, nítorí ó ti fo ẹran tó wà lára àwọn òkè náà. Torí èyí ni a kì í fi kálípà dá irin olókè lẹ́jọ́. Ìwúwo ni a fi ń dá a.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Irin mílì 16 tó pé, mítà kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn kílò 1.58. Bí a bá mọ ìwúwo mítà kan (W, ní kílò), a lè mọ ìbú irin náà gan-an (d, ní mílímítà):

```
d = √(162 × W)
```

A yan ìdì mẹ́fà, a sì yọ ọ̀pá kan láàárín ìdì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí òkè níbi tí ojú ti kọ́kọ́ ń bà. Bàbá fi ayùn irin gé mítà kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gé e kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, nítorí bí ojú bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́, gígùn tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe òótọ́ mọ́. Mo tún fi téèpù irin wọn gígùn wọn kí n tó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n oníbátìrì tí a lò, ọwọ́ obìnrin kan tó ń ra kajú ni a ti yá a. A kọ́kọ́ dán an wò lójú ọmọ iṣẹ́ olùtajà: a wọ̀n ike kan lófìfo, a da omi lítà kan sí i, òṣùwọ̀n sì fi kílò kan kún iye àkọ́kọ́. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ohun tó jáde nìyí, ní kílò: 1.31, 1.29, 1.33, 1.30, 1.32, 1.31. Tí a bá pín in dọ́gba, 1.31 ni. Ìlànà BS 4449 tí a kọ sínú ìwé ìbéèrè ọjà gbà kí mílì 16 fi ìdá mẹ́rin àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún dín tàbí kó fi lé, èyí túmọ̀ sí pé mítà kan kò gbọdọ̀ wọn kéré ju kílò 1.51 lọ. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó súnmọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò náà, ìbú irin náà jẹ́ mílímítà 14.6.

A wọ̀n mílì 12 náà lọ́nà kan náà. Ó yẹ kó jẹ́ 0.89, tiwa jẹ́ 0.87. Èyí wà láàárín ohun tí ìlànà gbà, a sì gbà á.

Ọmọ iṣẹ́ olùtajà kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìwọ̀n, ó buwọ́ lù ú. Ẹ̀gé mẹ́ta ni a dì fún un, mẹ́ta kù sọ́dọ̀ wa, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdì tí a ti gé e. Lẹ́yìn náà, a kùn ojú gbogbo ọ̀pá mílì 16 ní ọ̀dà pupa, a sì tò wọ́n lórí igi lọ́tọ̀, jìnnà sí mílì 12.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà

Agbaṣẹ́ṣe wa kò sùn dáadáa lóru yẹn, mo mọ̀, nítorí ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti san owó àwọn tó ń po kọnkéré, ẹni tó ni ilé sì ń béèrè ìgbà tí pílà yóò dìde. Àbá tó mú wá kì í ṣe àbá ẹni ibi. "Ẹnjiníà, pílà tó gba mẹ́fà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan kún un, kó di méje. Kí olùtajà gé owó rẹ̀ sílẹ̀, kí iṣẹ́ máa lọ."

Mo ní kí a jọ ṣírò ẹran irin, ìyẹn irin tó wà ní ojú ibi tí a gé ọ̀pá. Ọ̀pá mílì 16 tó pé ní mílímítà onígun 201. Tiwa yìí ní 167. Mẹ́fà tó pé jẹ́ 1,206. Méje nínú tiwa jẹ́ 1,169. Kò tíì pé síbẹ̀. Mẹ́jọ ni yóò tó, tí a bá sì to mẹ́jọ sínú pílà tí a yà fún mẹ́fà, níbi tí irin ìsàlẹ̀ àti irin òkè ti ń kọjá lára ara wọn, òkúta kọnkéré kò ní ráàyè kọjá dáadáa. Ihò yóò sì wà nínú pílà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ya ilé náà nìkan ló lè yí iye irin padà. Mo tún sọ ọ́ fún un lọ́nà mìíràn: mẹ́fà nínú irin yìí jẹ́ márùn-ún irin gidi. Pílà tí a bá fi mẹ́fà rẹ̀ gbé, bí ẹni pé a yọ ọ̀pá kan kúrò ni.

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ lẹ́tà.

Ọjọ́rú

Mo kọ lẹ́tà náà láàárọ̀, agbaṣẹ́ṣe kà á, a sì fi ránṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò níbí, ìyókù rí bó ṣe lọ.

> Ọ́fíìsì Sáìtì,
> Ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́.
> Ọjọ́rú.
>
> Olùdarí,
> Ilé Ìtajà Irin.
>
> Alàgbà,
>
> A KỌ IRIN MÍLÌ 16 TÍ Ẹ KÓ WÁ SÍ SÁÌTÌ WA NÍ ỌJỌ́ AJÉ, 212 Ọ̀PÁ
>
> Mo ń kọ ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà sáìtì, pẹ̀lú àṣẹ agbaṣẹ́ṣe tó ra ọjà lọ́wọ́ yín, lórí irin tó wà nínú wébíìlì tí awakọ̀ yín mú wá ní ọjọ́ Ajé. Sìtókípà wa kọ sórí wébíìlì náà pé a gbà á sílẹ̀, ó ku àyẹ̀wò.
>
> Ohun tí a béèrè nínú ìwé ìbéèrè ọjà wa ni irin olókè mílì 16, gígùn mítà 12, ní ìbámu pẹ̀lú BS 4449, tọ́ọ̀nù mẹ́rin.
>
> Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lójú aṣojú yín tó buwọ́ lu àbájáde rẹ̀, a gé mítà kọ̀ọ̀kan láti ara ìdì mẹ́fà, a sì wọ̀n wọ́n. Mítà kan wọn kílò 1.31 tí a bá pín in dọ́gba. Èyí tó wúwo jù lọ wọn kílò 1.33. Ohun tó yẹ kó wọ̀n ni 1.58, ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ìlànà gbà sì ni 1.51. Ìbú irin náà jẹ́ mílímítà 14.6, ẹran rẹ̀ sì fi ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti mílì 16. Tábìlì ìwọ̀n náà wà lẹ́yìn ìwé yìí.
>
> Nítorí èyí, ọjà tí ẹ kó wá kì í ṣe èyí tí a béèrè. A kọ gbogbo 212 ọ̀pá mílì 16 náà láti òní lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan irin mílì 12 inú wébíìlì kan náà. A ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì gbà á.
>
> Yàtọ̀ sí mítà mẹ́fà tí a gé fún àyẹ̀wò, a kò lo ìkankan nínú irin tí a kọ̀ yìí. A ti kùn ojú rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, a sì tò ó sọ́tọ̀. Láti ìgbà tí ìwé yìí bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ni ín, ewu rẹ̀ sì wà lọ́rùn yín.
>
> A ń béèrè pé:
>
> kí ẹ wá kó o kúrò ní sáìtì láàárín ọjọ́ méje, ní owó yín;
>
> kí ẹ kó mílì 16 tó bá ìwé ìbéèrè ọjà mu wá dípò rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, kí a sì wọ̀n ọ́n kó tó kúrò lórí ọkọ̀;
>
> tí ẹ kò bá lè kó òmíràn wá láàárín ọjọ́ méje náà, kí ẹ dá owó tí a ti san lórí mílì 16 padà.
>
> A kò ní san ìdajì owó mílì 16 tó ṣẹ́ kù títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú. Bí ẹ bá fẹ́ tún un wọ̀n, ẹ wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó wù yín, a ó jọ wọ̀n ọ́n. Ohun tí a kọ síhìn-ín kò gba ẹ̀tọ́ mìíràn tí a ní lábẹ́ àdéhùn wa lọ́wọ́ wa.
>
> Èmi ni tiyín nítòótọ́,
>
> Ẹnjiníà Sáìtì.
>
> Ẹ̀dà: agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó ya ilé, ẹni tó ni ilé.

Àwọn ohun kan wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀. Irin náà ti dípẹtà díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ní kí n fi kún un. Ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ṣí kúrò kì í ba irin jẹ́. Èyí tó ń ṣí bí èèpo, tàbí tó ti jẹ ihò sára irin, ni a ń bẹ̀rù. Tí mo bá fi ìpẹtà yẹn kún un, ìdáhùn olùtajà yóò dá lórí ìpẹtà nìkan, yóò sì gbàgbé ìwọ̀n. A tún tẹ irin náà wò, kò là, kò ṣẹ́, nítorí náà lẹ́tà kò sọ pé ó lè ṣẹ́. Wọ́n tún ní kí n kọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ. N kò mọ bóyá olùtajà mọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin ló gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ni mo rí, òṣùwọ̀n ni mo kọ.

Ìlà tó sọ pé a kò lo ìkankan nínú irin náà ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin ọjà títà tí à ń lò níhìn-ín, tó tinú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 wá, fún ẹni tó ra ọjà láàyè láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ pé ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣe ohun tí onílé nìkan ń ṣe sí ọjà, bíi kó gé e kó sì dì í sínú pílà, tàbí tó jẹ́ kó pẹ́ jù láì sọ̀rọ̀, ó ti gbà á nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó lè béèrè owó ìtanràn, kò lè dá ọjà padà mọ́. Òfin kan náà kò ní kí a fi ọkọ̀ wa gbé irin lọ fún olùtajà. Kí a sọ fún un pé a kọ̀ ọ́ ti tó. Ìdí nìyí tí mo fi yára, tí n kò sì dúró de àyẹ̀wò fífà irin ní yàrá àyẹ̀wò. Ìwúwo nìkan ti tó láti kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Alájì tó ni ilé ìtajà wá fúnra rẹ̀. Ó mú ìwé àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ irin dání, ó sì tọ́ka síbi tí wọ́n kọ 425 sí, ìyẹn nútìnì 425 lórí mílímítà onígun kan kí irin tó juwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ya ilé wa fi 410 ṣírò. "Ẹnjiníà, tiyín ni 410, tèmi ni 425. Tèmi le ju èyí tí ẹ béèrè lọ."

Mo jókòó tì í, nítorí ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú lójú mi, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà sì ni ìwé bẹ́ẹ̀ ti pa lẹ́nu mọ́. Iye yẹn sọ bí ẹran irin kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. Kò sọ bí ẹran náà ṣe pọ̀ tó. Nínú ìwé yìí, wọ́n fi ẹran tó wà lára irin gan-an pín agbára tí ẹ̀rọ fi fà á, torí náà irin tó tín-ín-rín lè yege. Pílà kò mọ ìyẹn. Ohun tí pílà mọ̀ ni ẹrù tí ọ̀pá kan lè gbé. Mo kọ ọ́ sórí bébà níwájú rẹ̀:

```
Ohun tí a yà:  410 × 201 = 82,410 N
Ohun tó wá:    425 × 167 = 70,975 N
```

Mo ní, "Alájì, ìwé tiyín ni mo fi ṣírò. Ọ̀pá kan yín gbé 71, àwa béèrè 82." Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó béèrè ibi tí 167 ti wá. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gé tí a tọ́jú fún un, mo tún un wọ̀n lórí òṣùwọ̀n tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wá. 1.31.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kó kan ẹni tó ń sanwó. Ọ̀pá 212 tó yẹ kó wọn tọ́ọ̀nù mẹ́rin, kílò 3,333 péré ló jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tọ́ọ̀nù kan tí kò sí níbẹ̀, tí a ó sì sanwó rẹ̀. Alájì fúnra rẹ̀ ló sọ pé tọ́ọ̀nù tí òun rà lọ́wọ́ àwọn tó kó o fún òun náà, iye ọ̀pá ni wọ́n fi kà á. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó sì bẹ̀ wá pé kí a fún òun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e

Wọ́n wá kó irin olódà pupa lọ. A ka á jáde ní ẹnu ọ̀nà, 212, mẹ́fà nínú wọn kúrú ní mítà kan, a sì gba ìwé ìkójáde tí awakọ̀ buwọ́ lù.

Èyí tó wá dípò rẹ̀ kò kúrò lórí tírélà títí a fi gé mẹ́fà, a sì wọ̀n wọ́n: láti 1.55 sí 1.57. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó bá ìwé àyẹ̀wò tó bá a wá mu. Sìtókípà kọ gbólóhùn rẹ̀ sórí wébíìlì, mo fi lẹ́tà ìgbàwọlé onílà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Alájì lọ́sàn-án, agbaṣẹ́ṣe sì san ìdajì owó tó kù. Bàbá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì irin pílà kí ilẹ̀ tó ṣú.